Ẹ yọ orúkọ yín kúrò, ẹ dí wọn lọ́nà, àbí kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ? Ìfiwéra fún ẹni tí ìpolówó ti kún inú Gmail rẹ̀

Ìpolówó tó ń wọlé sínú ímeèlì lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Òmíràn wá láti ilé ìtajà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fún ní àdírẹ́sì nígbà tí ẹ ra bàtà. Òmíràn wá láti báńkì yín, tí kò ní yé kọ̀wé sí yín níwọ̀n ìgbà tí owó yín bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Òmíràn sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tó ra àdírẹ́sì yín pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Gmail fi ohun mẹ́ta síwájú yín láti fi kojú gbogbo wọn: "Unsubscribe", "Block", àti asẹ́ tí ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní "Filter" lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ èyí tí ojú wọn bá kọ́kọ́ rí, torí wọ́n rò pé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìyàn níbí lè mú kí ìpolówó pọ̀ sí i, ó sì lè mú kí lẹ́tà tí ẹ ń retí láti báńkì sọnù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

| | Yíyọ orúkọ kúrò | Dídí wọn lọ́nà | Asẹ́ |
|---|---|---|---|
| Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ | Lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́ | Lẹ́nu ọ̀nà àpótí yín | Nínú àpótí yín |
| Ibi tí lẹ́tà ń lọ | Wọn kò fi ránṣẹ́ mọ́ | Spam, fún ọjọ́ 30 | Ibi tí ẹ bá ní kó lọ |
| Ṣé wọ́n á mọ̀? | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá | Rárá |
| Ó bá ẹni wo mu? | Ẹni tí ẹ fún ní àdírẹ́sì yín | Ẹni tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá | Ẹni tí ẹ kò lè ṣe aláìgbọ́ ti rẹ̀ |
| Ohun tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ | Ẹni tí kì í gbọ́ràn | Àdírẹ́sì tó ń yí padà | Ọ̀rọ̀ ìwádìí tó gbòòrò jù |

Ìbéèrè méjì kí ẹ tó tẹ ohunkóhun

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé èmi ni mo fún wọn ní àdírẹ́sì mi? Ìkejì ni pé: ṣé inú àdírẹ́sì kan náà ni ohun tí mo nílò ti ń wá? Èyí kejì yìí ni àwọn ènìyàn kì í bi ara wọn, òun gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ má fi iyè nìkan dáhùn ìbéèrè kejì, torí ẹnikẹ́ni lè gbàgbé ìwé ẹ̀rí owó nǹkan tó rà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ wá a. Ẹ kọ èyí sínú àpótí ìwádìí tó wà lókè Gmail, kí ẹ sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ ń wò rọ́pò `example.com`:

```
from:(example.com) newer_than:1y
```

Gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láàárín ọdún kan yóò jáde. Ẹ ka àwọn àkọlé rẹ̀ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ìpolówó nìkan ló wà níbẹ̀, ọwọ́ yín tú láti ṣe ohun tó bá wù yín. Àmọ́ bí ẹ bá rí ìwé ẹ̀rí owó, ìròyìn nípa ẹrù tó ń bọ̀, nọ́ńbà OTP tí wọ́n fi ń wọlé sórí àkáǹtì, tàbí àkọsílẹ̀ owó oṣù, ẹ wo àdírẹ́sì tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń lo àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ fún ìpolówó, ọ̀tọ̀ fún nǹkan pàtàkì. Àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ náà pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ ń ti inú `noreply` kan ṣoṣo jáde.

Yíyọ orúkọ kúrò: ẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́

Nígbà tí ẹ bá tẹ "Unsubscribe" tí Gmail fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, Gmail kọ́ ló ń dá lẹ́tà náà dúró. Ṣe ló ń bá yín jíṣẹ́ fún olùfiránṣẹ́ pé ẹ kò fẹ́ mọ́. Ó mọ ibi tó máa jíṣẹ́ náà sí nítorí pé olùfiránṣẹ́ ti kọ ọ́ sí orí lẹ́tà, ní ibi tí ojú wa kì í dé. Bó ṣe máa ń rí nìyí:

```
List-Unsubscribe: <https://iroyin.example.com/u/8f3k>,
 <mailto:kuro@example.com>
List-Unsubscribe-Post: List-Unsubscribe=One-Click
```

Ìlà àkọ́kọ́ ti wà láti ọdún 1998. Ìlà ìkẹyìn ni wọ́n fi kún un ní 2017, òun ló sì jẹ́ kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó, láìsí pé ẹ ń ṣí ojú ewé kankan. Láti ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan: ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ìpolówó tàbí lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́, tí iye lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn oní-Gmail bá tó 5,000 lóòjọ́, gbọ́dọ̀ fi ìlà wọ̀nyí sí i, ó sì gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ mọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Bí kò bá ṣe é, lẹ́tà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú Spam àwọn oníbàárà rẹ̀. Nítorí náà, ìyàtọ̀ gidi wà láàárín "Unsubscribe" tó wà lókè, tí Gmail fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀, àti lìǹkì kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, tí olùfiránṣẹ́ kọ. Èyí tó wà lókè ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ti ìsàlẹ̀ lè gbé yín lọ síbikíbi.

Lórí fóònù, ẹ ṣí lẹ́tà náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ olùfiránṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni ẹ fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, kí ẹ wá "Manage subscriptions". Ibẹ̀ ni Gmail to àwọn tó ń kọ̀wé sí yín lemọ́lemọ́ sí, pẹ̀lú iye lẹ́tà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ń kọ̀wé jù. Nínú àpótí púpọ̀, olùfiránṣẹ́ bíi mẹ́wàá péré ló ń dá ariwo yẹn sílẹ̀.

Bí lẹ́tà bá ṣì ń wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti yọ orúkọ yín, ẹ má tíì pè wọ́n ní ọ̀daràn. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti to lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yẹn sẹ́nu ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ yín tó dé. Òfin Amẹ́ríkà tó ti wà láti 2003 fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ pé ìwé orúkọ tí wọ́n ní ju ẹyọ kan lọ: ẹ ti kúrò nínú "ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀", orúkọ yín ṣì wà nínú "ọjà tuntun". Ní irú èyí, ojú ewé tí lìǹkì ìsàlẹ̀ ń ṣí máa ń ní àwọn àpótí kéékèèké tí ẹ máa yọ àmì kúrò nínú wọn, ẹ wá èyí tó yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta ló ń da orí ènìyàn rú jù: àdírẹ́sì àtijọ́ ni ẹ fi forúkọ sílẹ̀, àdírẹ́sì yẹn sì ń darí lẹ́tà sí Gmail yín. Bí ojú ewé wọn bá ní kí ẹ kọ àdírẹ́sì, tí ẹ sì kọ ti Gmail, wọn kò ní rí yín nínú ìwé wọn. Ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "to me" láti rí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí gan-an, òun ni kí ẹ fún wọn.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ páṣíwọ̀ọ̀dù, nọ́ńbà fóònù, tàbí nọ́ńbà káàdì kí wọ́n tó yọ orúkọ yín, ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Àdírẹ́sì ímeèlì nìkan ló pọn dandan fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́ yín ní ibì kan tí kò yẹ kí ẹ lọ, ọ̀nà tó kàn yìí ló bá a mu.

Dídí wọn lọ́nà: wọn kò ní mọ̀, wọn kò sì ní dákẹ́

"Block" kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Olùfiránṣẹ́ á máa fi í ránṣẹ́ lọ, Gmail á máa gbà á, á sì máa jù ú sínú Spam, níbi tó ti máa pa rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún ẹni tí kò yẹ kó mọ̀ pé ẹ wà láyé. Kò bá ilé ìtajà tó ń gbọ́ràn mu tó bẹ́ẹ̀, torí pé ìṣẹ́jú kan ni ì bá ti fi yọ orúkọ yín kúrò.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le. Ẹ ṣí lẹ́tà náà, ẹ tẹ tóótòòtó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yan "Block" tí orúkọ olùfiránṣẹ́ tẹ̀ lé. Ohun tí ẹ ṣe lórí fóònù máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì ìtò tó dà bí eyín ẹ̀rọ, "See all settings", lẹ́yìn náà "Filters and Blocked Addresses". Gbogbo ẹni tí ẹ ti dí lọ́nà láti ìgbà yìí wá ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó dáa kí ẹ wò ó nísinsìnyí, torí pé ẹlòmíì máa ń rí àdírẹ́sì ilé ìwé ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ńlá ni pé àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, ló ń dí. Kò dí ilé iṣẹ́. Bí `iroyin@example.com` bá ti wà lábẹ́ ìdínà, `iroyin2@example.com` á wọlé láìsí ìdíwọ́ kankan. Àwọn kan tilẹ̀ ń dá àdírẹ́sì tuntun fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bíi `b-7731@` lónìí, `b-9046@` lọ́la. Ẹ lè dí irú wọn lọ́nà títí ọwọ́ á fi ro yín. Bí ẹ bá rí i pé orúkọ kan náà tún padà wọlé lẹ́yìn ìdínà, ẹ má tẹ "Block" mọ́. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn àmì `@`, kí ẹ fi asẹ́ mú gbogbo rẹ̀.

Àléébù kejì ni ti báńkì tí a ti mẹ́nu bà. Bí ìpolówó ẹ̀yáwó àti ìkìlọ̀ owó tó jáde bá ń wá láti àdírẹ́sì kan náà, dídí àdírẹ́sì yẹn lọ́nà ń gbé àwọn méjèèjì lọ sínú Spam. Ẹni tó bá fi ímeèlì nìkan ń tọpinpin owó rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹnìkan ti ń fà á jáde. Fún báńkì, ilé ìwòsàn, ilé ìwé, iṣẹ́ ọba àti ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ wọn, a kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo "Block" rárá.

Níbi yìí náà ni "Report spam" ti wọlé, àmì ìyanu tó wà lókè lẹ́tà. Kò jọ "Block". "Block" ń sọ fún Gmail pé ẹ̀yin kò fẹ́ àdírẹ́sì yìí; "Report spam" ń sọ fún un pé irú lẹ́tà yìí burú, Gmail sì ń fi kọ́gbọ́n fún ẹlòmíràn. Ó wúwo ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Google ní kí ìwọ̀n ìfẹjọ́sùn tí olùfiránṣẹ́ ńlá ń gbà má dé 0.3%, ìyẹn ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ́ kan tó ń fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i kí lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù sínú Spam gbogbo wọn, nítorí ọwọ́ díẹ̀ tí kò fẹ́ wá bọ́tìnnì tó tọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tan ènìyàn àti ẹni tí ẹ kò fún ní àdírẹ́sì yín. Fún irú wọn, ẹ lò ó láìṣiyè méjì, ó sàn ju "Block" lọ.

Àjèjì tó ní kí ẹ "yọ orúkọ yín kúrò"

Ọ̀rọ̀ yìí gba ìṣọ́ra. Lẹ́tà ẹ̀tàn náà máa ń ní lìǹkì "Unsubscribe" ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n ṣe dáadáa. Títẹ̀ ẹ́ ń fún wọn ní ìròyìn kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá: pé ènìyàn gidi ló ni àdírẹ́sì yìí, ó sì ń ka lẹ́tà rẹ̀. Àdírẹ́sì tí wọ́n ti mọ̀ pé ó wà láàyè níye lórí lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á. Nígbà míì, ojú ewé tó jọ ti Google ló máa ṣí, tí á ní kí ẹ wọlé.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀: ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "to me" kí ẹ wo "mailed-by" àti "signed-by". Lẹ́tà ilé ìtajà gidi á ní orúkọ ilé ìtajà náà, tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́, ní "signed-by". Bí orúkọ tó wà lókè bá jẹ́ ti báńkì yín, tí "signed-by" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ fura. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé "signed-by" kò sọ pé ènìyàn rere ni. Ó kàn sọ pé ẹni tó ni orúkọ yẹn ló fi í ránṣẹ́. Gbájú-ẹ̀ náà lè ra orúkọ, kí ó sì buwọ́ lu lẹ́tà tirẹ̀. Nítorí náà, orúkọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kà, álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá wọn kò fi `1` rọ́pò `l`.

Asẹ́: fún ẹni tí ẹ kò lè kọ̀ sílẹ̀

Asẹ́ ni kò rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì pé jù. Kò ṣeé dá sílẹ̀ nínú áàpù Gmail orí fóònù. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti máa ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá ti wà, ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Ohun tó ń ba asẹ́ jẹ́ ni pé wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó dán an wò. Ìwádìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ká sọ pé báńkì yín ń fi gbogbo nǹkan ránṣẹ́ láti `noreply@banki.example`. Ẹ kọ èyí sínú àpótí ìwádìí:

```
from:(noreply@banki.example) -subject:(alert OR OTP OR statement)
```

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú `subject` ń sọ pé "yàtọ̀ sí èyí tí àkọlé rẹ̀ bá ní ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí". `OR` gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Gmail á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ wo ohun tó jáde, ẹ kà á dé ojú ewé kejì àti ìkẹta. Bí ẹ bá rí "Debit notification" níbẹ̀, ó hàn pé báńkì yín kì í lo "alert" nínú gbogbo àkọlé wọn. Ẹ fi `debit` àti `credit` kún inú àkámọ́, kí ẹ tún wá a. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìpolówó nìkan á fi kù.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹ àmì tó wà ní ìparí àpótí ìwádìí, "Show search options", kí ẹ tẹ "Create filter". Gmail á wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Fún báńkì, "Skip the Inbox (Archive it)" àti "Apply the label" ni ẹ máa yan, kí ẹ sì dá àmì kan sílẹ̀ bíi "Ìpolówó báńkì". Kò ní dé Inbox, fóònù kò sì ní dún, àmọ́ kò sọnù. Ẹ má yan "Delete it" fún ohunkóhun tó ń ti báńkì wá, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á yí àkọlé ìkìlọ̀ wọn padà láìsọ fún yín. Bí asẹ́ bá kàn gbé e pamọ́, ẹ ṣì lè rí i. Bó bá jẹ́ pé ó ń sọ ọ́ sínú Trash, ọjọ́ 30 péré ló kù fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí ti àtẹ̀yìnwá náà kúrò ní Inbox, ẹ fi àmì sí "Also apply filter to matching conversations".

Fún àwọn tó ń yí àdírẹ́sì padà, tí kò sí ohun kankan tí ẹ nílò lọ́wọ́ wọn, `from:(@iroyin.example.com)` pẹ̀lú "Delete it" ló tó. Ohun tí "Block" kò lè ṣe nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra kí ohun tí ẹ kọ sẹ́yìn `@` má gbòòrò jù: ẹni tó bá kọ `@gmail.com` síbẹ̀ ti lé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ dànù.

Àpótí kan, olùfiránṣẹ́ mẹ́rin

Ká sọ pé oníṣòwò aṣọ kan n'Ìbàdàn fẹ́ tún àpótí rẹ̀ ṣe lónìí. Olùfiránṣẹ́ mẹ́rin ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù.

Àkọ́kọ́ ni ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ̀wé sí i lójoojúmọ́. Ó ṣe ìwádìí ọdún kan, ó rí i pé `iroyin@` ni ìpolówó ń ti wá, `orders@` sì ni ìwé ẹ̀rí owó. "Unsubscribe" tó wà lókè ló yẹ kó tẹ̀. Yóò dá ìpolówó dúró. Ìròyìn ẹrù tó rà á ṣì máa wọlé, nítorí yíyọ orúkọ kúrò kì í kan lẹ́tà tó jẹ mọ́ ohun tí ènìyàn rà. Kó kọ ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí `iroyin@` ṣì ń wọlé, tí kì í sì í ṣe láti inú ìwé orúkọ mìíràn tiwọn, ìgbà náà ni "Block" tọ́ sí `iroyin@`, nítorí àdírẹ́sì yẹn kò gbé nǹkan mìíràn.

Èkejì ni báńkì, tó ń ti inú àdírẹ́sì kan ṣoṣo kọ gbogbo nǹkan. Kó gbìyànjú "Unsubscribe" bó bá wà lórí lẹ́tà ìpolówó, kó sì ṣe asẹ́ tí a ti ṣàlàyé rẹ̀ yẹn. "Block" kò gbọdọ̀ kàn án.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé ìwé, lórí Google Groups, tí ẹnìkan nínú wọn ń fi àdúrà àti fídíò ránṣẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Bí ó bá dí ọ̀rẹ́ náà lọ́nà, lẹ́tà ìdákọ́ńkọ́ tí ọ̀rẹ́ náà bá kọ sí i nípa ọ̀ràn mìíràn á bọ́ sínú Spam pẹ̀lú. Nígbà mìíràn Google Groups a máa gbé àdírẹ́sì ẹgbẹ́ sí ipò ẹni tó kọ lẹ́tà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "via" lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá dí irú ìyẹn lọ́nà, gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n tì síta. Ohun tó dáa jù ni kó lọ sínú ẹgbẹ́ náà lórí `groups.google.com`, kó yí "Each email" padà sí "Digest", kí lẹ́tà púpọ̀ lè máa wá nínú ẹyọ kan. Bí kò bá fẹ́ ìyẹn, asẹ́ tó ń wo ẹgbẹ́ dípò ènìyàn wà:

```
list:(oruko-egbe.googlegroups.com)
```

Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ jáde pátápátá, lẹ́tà òfìfo sí `oruko-egbe+unsubscribe@googlegroups.com` ló máa fi ránṣẹ́, láti inú àdírẹ́sì tó fi wọ ẹgbẹ́ gan-an.

Ẹ̀kẹrin ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là wà níbì kan tó ń dúró dè é. "Report spam", kó má ṣí lìǹkì kankan, kó má dáhùn. Bí Gmail bá béèrè bóyá kí ó fẹjọ́ sùn nìkan tàbí kí ó yọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, kó yan ìfẹjọ́sùn nìkan, torí kò yẹ kí àjèjì yìí gbọ́ ohunkóhun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ gidi bá kọ̀ tí kò gbọ́

Ẹ kò kàn ń bẹ̀ wọ́n ni. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má fi dátà yín polówó fún yín mọ́, nígbàkigbà. Ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí wọn, ẹ dárúkọ òfin náà, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ti yọ orúkọ yín kúrò síbẹ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, Nigeria Data Protection Commission ni ẹ lè gbé ẹjọ́ náà lọ. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Information Commissioner's Office. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kò sí nínú ohun tí à ń sọ níbí. Ti ìyẹn, ọ̀rọ̀ `STOP` sí 2442 ni wọ́n ń lò ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Kí ọjọ́ 30 tó pé, ẹ padà lọ wo ohun tí àwọn ìdínà yín ti jù sínú Spam. Gmail kì í fi Spam sínú ìwádìí àyàfi bí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀:

```
in:spam newer_than:21d
```

Ẹ ka orúkọ nìkan, ẹ má ṣí ohun tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ tẹ "Report not spam", lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wò ó nínú "Filters and Blocked Addresses" bóyá ẹ̀yin lẹ dí i lọ́nà, torí pé bí ìdínà náà bá ṣì wà, lẹ́tà rẹ̀ tó kàn á tún bọ́ síbẹ̀.

Fún ibi tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, Gmail gbà kí ẹ fi àmì ìròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ kan kún àdírẹ́sì yín, bíi `oruko+bata@gmail.com`. Inú àpótí yín kan náà ni lẹ́tà á dé. Ọjọ́ tó bá di ariwo, asẹ́ tó ní `to:(oruko+bata@gmail.com)` á kó gbogbo rẹ̀, ẹni yòówù tí wọ́n ti tà á fún. Àwọn fọ́ọ̀mù kan kì í gba àmì ìròpọ̀, àwọn tó sì ń tà àdírẹ́sì lè gé e kúrò kí wọ́n tó tà á. Ẹ má lò ó fún báńkì tàbí ohun tí ẹ máa nílò láti rántí àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí páṣíwọ̀ọ̀dù bá sọnù.